Íntáfíù Chevening: bí wọ́n bá ní "sọ fún wa nípa ara rẹ," kí ni ọmọ Ìgbẹ́tì máa sọ?

Ọmọ Òkè Ìyámọ̀pó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ti pè mí fún íntáfíù Chevening, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó fẹ́ lọ kàwé lọ́dọ̀ wọn. Orí ayélujára la ó ti ṣe é, ó ku ọjọ́ 21. Wolé-wolé ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìgbẹ́tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀kọ́ nípa omi mímu àti ìmọ́tótó ni mo fẹ́ lọ kà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Mo ti kọ nǹkan sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ bó ṣe rí ní Yorùbá rèé:

"Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ìgbìmọ̀. Orúkọ mi ni Lágbájá. Ìgbẹ́tì ni mo ti wá, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ mẹ́fà ni àwọn òbí mi bí, èmi ni mo ṣìkẹta. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ìyá mi ń ta gààrí. Ìgbẹ́tì ni mo ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kí n tó lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ìlera àyíká. Kàdúná ni mo ti ṣe agùnbánirọ̀. Ó pé ọdún 5 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, mo mọ èèyàn bá lò, mo sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Omi ẹ̀rọ ò já geere ní ìlú wa, ìyà ń jẹ àwọn èèyàn wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí n lè padà wá ran ìlú mi lọ́wọ́."

Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó gùn jù ni àbí ó kúrú?

Àṣàkẹ́ Ṣakí

Ó dáa, àmọ́ ìyà tó wà níbẹ̀ kò tíì tó. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àtùpà lo fi kàwé, pé odò lo ti ń pọnmi kí o tó lọ sí ilé-ìwé. Àánú ló ń jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ ìlú kékeré. Ọmọ Èkó ò lè bá ọ du ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Alága

Àbúrò, kò gùn, kò sì kúrú. Kà á sókè, kò lè tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ibòmíràn ló ti ń jò. Ilé-ìwé, ọdún, ibi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ́ síwájú. Ohun tí wọ́n ti kà kọ́ ni wọ́n wá gbọ́. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa dì mú láti fi bi ọ́ ní ìbéèrè kejì. Bí o bá ka eléyìí tán fún wọn, kí ni wọ́n fẹ́ bi ọ́? Bọ́ọ̀lù?

Yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: yọ "Ìgbẹ́tì" kúrò níbẹ̀, fi "Ẹrúwà" sí i. Ǹjẹ́ ohun kan yẹ̀? Kò sí nǹkan tó yẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ìlú rẹ ò tíì ṣiṣẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, o kàn dárúkọ ẹ̀ ni.

Àṣàkẹ́, ẹ má bínú, ọ̀nà àánú yẹn ò gba ti Chevening kọjá. Wọn kì í béèrè bóyá o tálákà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí o ṣe ń darí nǹkan, bí o ṣe ń bá èèyàn ṣe pọ̀, ìdí tó o fi yan ẹ̀kọ́ yẹn, àti ibi tí iṣẹ́ rẹ ń lọ. Àròkọ mẹ́rin tó kọ sínú fọ́ọ̀mù, orí mẹ́rin yìí náà ni. Tó bá ń ka ìyà lẹ́sẹẹsẹ fún wọn, wọ́n á kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò sí orí kankan nínú mẹ́rin yẹn tí wọ́n á rí nǹkan kọ sí. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ò sì yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n pè, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ló fi àtùpà kàwé.

Ọmọ Òkè Ìyámọ̀pó, dáhùn mẹ́rin yìí kí á tó máa bá a lọ. Kí ni o fọwọ́ ara rẹ ṣe nípa omi ní Ìgbẹ́tì? Mélòó ni? Èwo ni kò yọrí? Kí ni o fẹ́ mọ̀ tí kò yé ọ títí di òní?

Táíwò Ìgbó-Ọrà

Ẹ kú ìjókòó. Mo gbọ́ pé orí mẹ́rin ni. Tèmi, Commonwealth Shared ni mò ń kọ, níbi tí wọ́n ti ní kí n sọ ìdí tí n kò fi lè san owó ẹ̀kọ́ fúnra mi. Ṣé kí n yọ ọ̀rọ̀ owó kúrò níbẹ̀ náà ni? Àti pé ẹsẹ̀ mélòó ni àròkọ kọ̀ọ̀kan máa ní?

Ẹ̀gbọ́n Alága

Táíwò, o ya ọ̀nà míì. Má yọ ọ́ kúrò o. Ẹni tí kò lè rówó lọ ka ìwé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dá ti Commonwealth Shared sílẹ̀ fún, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ti bá a mu díẹ̀. Kódà níbẹ̀ náà, iye ni kó o kọ: èló ló ń wọlé lóṣù, èèyàn mélòó ló ń jẹ nínú ẹ̀. Má kọ "ìyà ń jẹ wá." Ti àròkọ, jọ̀ọ́ ṣí ojú ìwé tìrẹ, ohun tá a máa fi ẹnu sọ là ń bá fà níbí.

Ọmọ Òkè Ìyámọ̀pó

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo ṣe rèé. Ní ọdún tó kọjá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo yẹ kànga 41 wò ní àdúgbò mẹ́ta. Àwọn ìgò ìdánwò kékeré kan wà, ẹ ó rọ omi sí i dé ojú ìlà, ẹ ó gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ìgbẹ́ bá ti kan omi yẹn, ó sábà máa ń dúdú bí èédú. Ìgò 26 ló dúdú. Nígbà tí mo fi okùn wọn ilẹ̀, 17 nínú kànga 26 yẹn ni ṣáláńgá wà nítòsí wọn tí kò tó mítà 30.

A kó ìgò dúdú yẹn lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ àdúgbò. A bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Àwọn 11 gbà, wọ́n mọ ẹnu kànga wọn sókè, wọ́n kan ìdérí sí i, a sì fi kúlọ́ráìnì fọ̀ ọ́. A tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù kan, 8 kò dúdú mọ́. 3 ṣì dúdú. Àwọn onílé yòókù ní àwọn ò lówó símẹ́ńtì.

Ohun tí kò yé mi: kànga 9 wà tó jìnnà sí ṣáláńgá dáadáa, tó sì dúdú. N kò mọ ìdí rẹ̀. N kò rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀, ó máa jọ pé n kò mọṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Alága

Kí ló dé tó o fi gbé gbogbo èyí pamọ́, tó wá ń sọ bọ́ọ̀lù fún èèyàn!

Kànga 9 yẹn ni ìdí tó o fi fẹ́ lọ. Wò ó dáadáa. Ìwé kọ́ ọ pé mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá. O wọ̀n ọ́n, àwọn 9 pa òfin mọ́, omi wọn sì bàjẹ́ síbẹ̀. Ohun tó o mọ̀ ti parí níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tó o yàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní "kí ló dé tó o fi fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí," ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bi ọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ gbogbo rẹ̀ ló máa ṣòro fún láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ lọ kọ́.

Torí náà yí i padà, gbé ìdí ẹ̀ sókè. Bẹ̀rẹ̀ láti òní, má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí ọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kan á ti lọ, yóò ṣì wà ní girama, alága ìgbìmọ̀ á sì ti máa wo aago. Gbólóhùn àkọ́kọ́: ta ni ọ́, iṣẹ́ wo lò ń ṣe, níbo. Ìlú rẹ gba gbólóhùn kan tí ẹni tí kò dé Ọ̀yọ́ rí á fi mọ ibi tó wà àti ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tó o rí, ohun tó o ṣe, ohun tó yọrí sí, ohun tí kò yé ọ. Kó o wá dákẹ́. Má fi "ẹ ṣeun púpọ̀, inú mi dùn láti wà níbí" kádìí ẹ̀. Bó o bá dákẹ́ sórí kànga 9, ẹnì kan nínú wọn gbọ́dọ̀ béèrè.

Òbí, iye ọmọ ilé, ibi agùnbánirọ̀, yọ wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n á bi ọ́.

Awakànga

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ mi ni ilẹ̀ àti omi abẹ́ ẹ̀. Mítà 30 yẹn, ilẹ̀ tó ń sẹ́ omi ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n kọ ọ́, yanrìn tàbí amọ̀ tí omi ń rọra gba inú rẹ̀ kọjá, tí kòkòrò á fi kú sọ́nà. Níbi tí òkúta bá ti sán lábẹ́ ilẹ̀, omi ò dúró kí ohunkóhun sẹ́ ẹ. Ojú ibi tó sán ló ń bá lọ, ó sì lè rìn jìnnà láàárín àkókò díẹ̀. Mábù burú jù nínú irú èyí, torí omi òjò máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú ibi tó sán á máa gbòòrò sí i. Ìgbẹ́tì sì rèé, ìlú tí wọ́n ti ń wa mábù. Ohun tí ọmọ Ẹrúwà ò lè sọ lo ní lọ́wọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: má sọ pé mábù LÓ FÀ Á. Pé wọ́n ń wa mábù nítòsí ìlú kò túmọ̀ sí pé òun ló wà lábẹ́ kànga 9 yẹn. Òkúta oríṣiríṣi ló wà lágbègbè yẹn. Ó sì lè má ti abẹ́ ilẹ̀ wá rárá: garawa tí wọ́n gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ ń sùn, okùn ìfami tó ń wọ́ nílẹ̀, kànga tí kò ní ìdérí. Sọ pé "mo fura." Bí o bá sọ pé o mọ̀, onímọ̀ ilẹ̀ kan lè wà nínú wọn tó máa béèrè ẹ̀rí.

Ohun kejì, ìgò yẹn kì í sọ iye. Ó dúdú tàbí kò dúdú, ibẹ̀ ló parí sí. Nígbà míì, omi tí ìmí-ọjọ́ bá wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mú un dúdú láìsí ìgbẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀ pé ìgbẹ́ ni, má janpata. Sọ pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni, pé ilé àyẹ̀wò tó lè ka iye kòkòrò jìnnà sí ọ, àti pé ìyẹn wà lára ohun tó o fẹ́ lọ kọ́.

Bàbá Tísà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun kan ń bà mí. Ọmọ wa kọ "a kó ìgò lọ," "a bá onílé sọ̀rọ̀." Bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ kọ́ ọ kó máa "èmi, èmi" níwájú àgbà. Àwọn òyìnbó náà mọ ìgbéraga bí wọ́n bá rí i.

Ẹ̀gbọ́n Alága

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Òótọ́ ni pé ìgbéraga ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n "a" yẹn ló ń pa àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Nínú Yorùbá, bí mo bá ní "a ti ṣe é," ẹ̀yin mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é, mo kàn ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Tí a bá gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀wọ̀ yẹn á já bọ́ sọ́nà. Ohun tí wọ́n á gbọ́ ni pé ẹgbẹ́ kan ló ṣe é, tí ẹni yìí wà láàárín wọn. Wọ́n á béèrè pé "kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe," ọmọ wa á tún fi "a" dáhùn, wọ́n á sì fi ojú yẹn wo ọ̀rọ̀ ìdarí rẹ̀ pátá.

Ọ̀nà àbáyọ ni kó pín iṣẹ́ náà fún àwọn tó ṣe é. "Èmi ni mo yẹ kànga 41 wò. Mo gbé ìgò dúdú lọ bá baálẹ̀, mo gbé èyí tó mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Baálẹ̀ ló pe àwọn onílé jọ, torí wọn ò ní dá mi lóhùn bí mo bá dá lọ." Ẹ wò ó, bàbá, baálẹ̀ gba ọlá tirẹ̀, ọmọ náà gba tirẹ̀. Ó sì ti fi hàn láìdárúkọ ẹ̀ pé òun mọ ẹni tó yẹ kí òun lọ bá. Ìyẹn ni orí kejì nínú mẹ́rin, bíbá èèyàn ṣe pọ̀. "Mo mọ èèyàn bá lò" tó kọ lákọ̀ọ́kọ́ ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Bàbá Tísà

Ìyẹn gba ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ n ò fara mọ́ ọn tán. Ọmọ tó bá ti kọ́ "èmi ni" níbẹ̀, á mú un bọ̀ wálé.

Àṣàkẹ́ Ṣakí

Ó dáa, mo gbà lórí ọ̀rọ̀ àánú. Kí ó wá lọ há a sórí. Kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán, kó há a bí orin, kó tó ọjọ́ náà á ti yọ̀ létè ẹ̀. Ìyẹn ò lè ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Alága

Ó máa ń ṣẹ̀, Àṣàkẹ́. Àkọ́sórí dùn títí ẹnì kan á fi dá ọ dúró láàárín. Alága ìgbìmọ̀ lè já a gbà: "Má bínú, o ní 26 nínú 41?" Ẹni tó há a sórí á dáhùn, á wá sọ ibi tó dé nù, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ bá gbọ́ "orúkọ mi ni," ẹ mọ̀ pé ó ti sọnù. Ohùn rẹ̀ náà á sì máa lọ bákan náà bí ẹni ń ka Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì.

Gbólóhùn méjì péré ni kó há sórí: àkọ́kọ́, kí ẹ̀rù má bàa gbé e mì, àti ìkẹyìn, kó lè mọ ibi tó ti yẹ kó dákẹ́. Ohun tó wà láàárín, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni kó kọ sórí páálí kékeré: MÁBÙ, ÌGÒ, BAÁLẸ̀, MẸ́SÀN-ÁN. Kó máa fi sọ̀rọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ lójoojúmọ́. Kó gbà á sórí fóònù, kó sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá ẹnì kan tí kò mọ nǹkan nípa omi, kí onítọ̀hún já ọ̀rọ̀ gbà á ní ibi tó bá wù ú. Bó bá dáhùn tó sì lè bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn láìpadà sẹ́yìn, ó ti mọ̀ ọ́n.

Nípa gígùn, má fi ti Yorùbá wọ̀n ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tó o máa sọ ni kó o kà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ń sọ nǹkan bí 120 sí 130 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti ju 260 lọ, o ti kọjá ìṣẹ́jú méjì nìyẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ọmọ Òkè Ìyámọ̀pó

Mo ti tún un ṣe. Mo sọ ọ́ sínú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló gbà:

"Ẹ káàárọ̀. Lágbájá ni mí, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìgbẹ́tì, ìlú kan ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ òkúta mábù. Kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo yẹ 41 nínú wọn wò. Mo rọ omi wọn sínú ìgò ìdánwò tó máa ń dúdú bí ìgbẹ́ bá ti kan omi. 26 dúdú. Mo fi okùn wọn ilẹ̀, mo rí i pé 17 nínú wọn sún mọ́ ṣáláńgá ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn onílé ò ní gbọ́ tèmi, torí náà mo gbé ìgò dúdú kan àti ọ̀kan tó mọ́ lọ bá baálẹ̀. Kò bi mí ní ohun púpọ̀. Ó gbé méjèèjì sórí tábìlì, ó ránṣẹ́ pe àwọn onílé. Àwọn 11 tún kànga wọn ṣe. Nígbà tí mo padà yẹ̀ wọ́n wò, 8 ti mọ́, 3 kò mọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 26 tó dúdú níbẹ̀rẹ̀, 9 wà tó jìnnà sí ṣáláńgá gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí. Mo fura sí òkúta tó sán lábẹ́ ilẹ̀, n kò sì ní ìmọ̀ tí mo lè fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tó gbé mi dé iwájú yín nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n Alága

Hẹ̀n-ẹ́n! Ibi tó o ti ní "kò bi mí ní ohun púpọ̀," má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Wọ́n á rí baálẹ̀ yẹn níwájú wọn.

Wá múra sílẹ̀ fún ohun tó o fọwọ́ ara rẹ ṣí sílẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ ní 3 tí kò mọ́ lẹ́yìn àtúnṣe. Wọ́n á bi ọ́ ní àwọn onílé 15 tí kò tún tiwọn ṣe: kí lo ṣe fún wọn? Bó bá jẹ́ pé o ò ṣe nǹkan kan, sọ bẹ́ẹ̀, kó o wá sọ ohun tó o máa ṣe báyìí bí o bá tún un bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ìdarí tó le jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, torí ibẹ̀ ni owó símẹ́ńtì wà. Iye tí o bá sọ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ mu. Bí o bá kọ 40 sínú àròkọ, tó o wá ń sọ 41 lẹ́nu, ìgò 26 yẹn pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í mì lójú wọn. Lọ wò ó lálẹ́ òní.

Wọ́n á tún bi ọ́ níbi tó o máa ṣiṣẹ́ bó o bá dé. Ohun tí Chevening béèrè ni kó o padà sí orílẹ̀-èdè rẹ fún ọdún méjì, wọn ò ní dandan Ìgbẹ́tì. Má ṣèlérí Ìgbẹ́tì nítorí pé ó dùn létí. Bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń ṣètò omi fún gbogbo ìpínlẹ̀, sọ ọ́, kó o sì sọ bó ṣe máa kan irú ìlú bíi tìrẹ.

Táíwò Ìgbó-Ọrà

Ẹ̀gbọ́n, ojú ńkọ́? Wọ́n ní kéèyàn máa wo ojú wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó ń wo àgbà lójú...

Ẹ̀gbọ́n Alága

Lórí ẹ̀rọ, ojú kámẹ́rà ni "ojú wọn." Bó o bá ń wo àwòrán wọn lójú ẹ̀rọ, lójú tiwọn ilẹ̀ lò ń wò. Gbé láptọ́ọ̀pù lé ìwé mélòó kan títí kámẹ́rà á fi bá ojú rẹ dọ́gba, lẹ páálí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà gan-an. Má jókòó kó o kẹ́yìn sí fèrèsé, dúdú lásán ni wọ́n á rí. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, má fi Ìgbẹ́tì ta tẹ́tẹ́. Wá ibi tó dájú, kó o sì dán an wò ní irú wákàtí tí íntáfíù máa bọ́ sí, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kì í rí bákan náà. Gbé fóònù onílé-iṣẹ́ míì tó ní dátà sí ẹ̀gbẹ́.

Bàbá Tísà

Ẹ jẹ́ kó fi "ẹ káàárọ̀" bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá o, kó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n mọ ibi tó ti wá.

Àṣàkẹ́ Ṣakí

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn, bàbá. Wọ́n á rò pé ó ń ṣeré orí ìtàgé.

Ẹ̀gbọ́n Alága

Méjèèjì ni mo ti rí tó ṣiṣẹ́, mo sì ti rí tí kò ṣiṣẹ́. Èyí tó bá rọrùn lẹ́nu rẹ̀ ni kó ṣe.

Ọmọ Òkè Ìyámọ̀pó

Mo ti wo fọ́ọ̀mù. 41 ni mo kọ síbẹ̀, ọpẹ́ ni. Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń padà lọ síbi kànga 9 yẹn.

Awakànga

Mú okùn dání. Wọn bí omi ṣe jìn tó láti ẹnu kànga, kó o sì wo ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ bóyá òkúta ni tàbí amọ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá funfun, bu èyí tó já bọ́ díẹ̀, kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìyẹ̀fun rẹ̀. Bó bá hó, ó lè jẹ́ mábù; padà wá sọ fún wa.